Alẹ́ tí bíríìjì Apẹ̀tẹ̀ lọ, àti bí ilé àǹtí mi ṣe ń múra de omíyalé báyìí

Ilé àǹtí mi wà ní Apẹ̀tẹ̀, n'Ìbàdàn, lápá ìsàlẹ̀ tó dojú kọ odò. Ẹni tó bá mọ Apẹ̀tẹ̀ á mọ̀ pé odò Ọ̀nà ló pín in kúrò lára Ìjokòdò àti Pólì, omi ọ̀hún ló sì ń wọ́ lọ kó sínú adágún Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n ti ṣe dáàmù ẹ̀ látọdún 1942. Láàárọ̀, bíríìjì kan ṣoṣo yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn àdúgbò ń gbà kọjá, Máíkírà, ọ̀kadà, àwọn ọmọ Pólì, àwọn tó ń lọ ọjà Dùgbẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ gbogbo wọn á tún gba ibẹ̀ padà wálé. Ọ̀nà mìíràn wà o, èyí tó gba Àwọ̀tán yí lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó jìn ni, kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn máa ń rántí nígbà tí òjò bá ń na òun lórí. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bí ìdílé kan yìí ṣe ṣètò ara wọn lẹ́yìn omíyalé ọdún 2011, àti bí ètò náà ṣe rìn lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò wá dán an wò.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni bọ́ǹbù bú ní ilé àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé l'Ábújá, nítorí náà ọ̀rọ̀ Àbújá ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó ń wojú ọ̀run. Oṣù Ràmàdáánì sì ni, alẹ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ló ń bọ̀, àwọn Mùsùlùmí ti ń múra láti ṣínu kí wọ́n tó lọ fi òru kírun. Bí òjò ṣe dé nìyẹn. Wọ́n wọn òjò ọjọ́ náà, ó jẹ́ mìlímítà 187.5, ìyẹn ni pé tó bá jẹ́ pé omi yẹn dúró sójú kan tí kò ṣàn lọ síbì kankan, ó kù díẹ̀ kó ga tó búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé kan. Ṣùgbọ́n omi kì í dúró, pàápàá n'Ìbàdàn tó jẹ́ òkè àti àfonífojì, ṣe ni gbogbo ohun tó rọ̀ sórí òkè kó ara ẹ̀ jọ wá bá àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú. Àwọn àgbà ní kíá wọ́n rántí Ògùnpa ọdún 1980, èyí tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú 31 oṣù kẹjọ, tí wọ́n kó òkú tó lé ní igba. Ẹ wo ọjọ́ méjèèjì yẹn dáadáa, ọ̀sẹ̀ tó parí oṣù kẹjọ ni méjèèjì bọ́ sí, ìgbà tí èèyàn ń rò pé òjò ti sinmi díẹ̀.

Bíríìjì Apẹ̀tẹ̀ lọ lálẹ́ yẹn. Èèyàn máa ń rò pé omi á kàn ti bíríìjì ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Omi á kọ́kọ́ kó igi, mátírẹ́ẹ̀sì, pàǹtí tí wọ́n ti dà sódò látọjọ́ yìí, á wá fi dí àwọn ojú ihò abẹ́ bíríìjì. Tí abẹ́ bá ti dí, omi á wá ọ̀nà mìíràn, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀pa tó wà ní ẹnu bíríìjì lápá méjèèjì. Ẹni tó dúró lókè títì ò ní rí nǹkan kan, ọ̀dà títì á ṣì wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ti ṣófo. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bá àwọn tó ń sọ pé "mo wò ó, ó ṣì dúró digbí" jiyàn. Ohun tó ń gbé bíríìjì dúró ò sí lókè, abẹ́ ló wà.

Ibo ni ará ilé àǹtí mi wà lálẹ́ yẹn? Ọkọ wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá, wà ní Dùgbẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọmọbìnrin àkọ́bí wọn wà ní Sángo lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀. Àǹtí mi àti àwọn ọmọkùnrin méjì wà nílé. Kálukú sì ń ṣe ohun tí ọgbọ́n orí ẹ̀ sọ, Bọ̀dá ń sáré bọ̀ nílé, ọmọbìnrin náà ń wá mọ́tò tó máa gbé e wálé, àǹtí mi ò sì kúrò nílé torí wọ́n ń dúró de ọkọ àti ọmọ. Ẹ rí i pé gbogbo ètò wọn, tí a bá lè pè é ní ètò, dá lórí pé bíríìjì á wà níbẹ̀. Nígbà tí Bọ̀dá dé Ìjokòdò, omi ti ń gba orí títì kọjá, wọ́n ká ṣòkòtò, wọ́n fẹ́ kọjá, ọkùnrin kan tí wọn ò mọ̀ rí ló fa aṣọ wọn lẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n sùn sí mọ́jú. Nílé, omi ti dé orúnkún nínú pálọ̀ kí àǹtí mi tó gbà láti gòkè lọ sílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò. Fóònù ti kú, nẹ́tíwọ̀kì ò sí, ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí wọ́n tó mọ ẹni tó wà láyé.

Ibi tí ètò tuntun ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ Bọ̀dá fúnra wọn ni. Wọ́n ní, "Apá ibi tí òjò bá ti bá ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ló máa sùn. Kò sí pé mò ń bọ̀ nílé." Ó rọrùn láti sọ, àmọ́ ó gba pé kí kálukú ní ibi tó lè sùn sí lápá kejì odò. Bọ̀dá mú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, wọ́n lọ bá pásítọ̀ sọ ọ́ lójú méjèèjì. Ọmọbìnrin mú ilé ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Sángo, ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀ sì mọ̀ sí i. Àǹtí mi ló ṣòro fún jù, wọ́n ní, "Ṣé kí n máa wo ọmọ mi lápá ọ̀hún ni?" Bọ̀dá dá wọn lóhùn pé, "Tẹ́ ẹ bá ti mọ ibi tó wà, ẹ ò ní máa wò ó." Bí wọ́n ṣe yanjú ẹ̀ nìyẹn o.

Ó wá ku àwọn tó wà nílé, ibo ni wọ́n máa sá sí, ọ̀nà wo ni wọ́n máa gbà? Iṣẹ́ sọ̀féyọ̀ ni mo ń ṣe, ibi tí mo ti dá sí ọ̀rọ̀ náà nìyí. Gbogbo àdúgbò ló gbà pé mọ́ṣáláṣí tó wà ní ìdajì ọ̀nà òkè ni kí àwọn sá sí, torí ó ní àtẹ̀gùn, ó dà bíi pé ó ga. Mo ní ká wọ̀n ọ́n. Omi 2011 ti fi ìlà aláwọ̀ ẹrẹ̀ sílẹ̀ lára ògiri pálọ̀ àǹtí mi, mo sì ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má kùn ún lọ́dà. Bíríkìlà kan yá wa ní rọ́bà funfun gígùn tí wọ́n fi ń wo lẹ́fẹ́lì, èyí tí èèyàn lè rí omi inú ẹ̀. A rọ omi sí i, a rí i dájú pé kò sí atẹ́gùn tó há síbì kankan nínú ẹ̀, torí tí atẹ́gùn bá há sí i, irọ́ ló máa pa. Ọmọkùnrin àǹtí mi di ẹnu kan mú síbi ìlà ara ògiri, mo fa ẹnu kejì gba fèrèsé lọ sára fẹ́ǹsì ilé kejì, ibi tí omi dúró sí lọ́wọ́ tèmi, ibẹ̀ náà ni omi 2011 máa dé lára fẹ́ǹsì yẹn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, a tún ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, fẹ́ǹsì sí fẹ́ǹsì, títí a fi dé mọ́ṣáláṣí.

Ìlà yẹn gba ara ògiri mọ́ṣáláṣí kọjá ní nǹkan bí ìdajì ẹsẹ̀ bàtà sókè ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kírun. Àwọn bàbá tó jókòó síbẹ̀ ò gbà, wọ́n ní ká tún un wọ̀n, a tún un wọ̀n, ibì kan náà ló bọ́ sí. Ojú ló tàn wá. Títì yẹn ń gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ yọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè, mọ́ṣáláṣí sì bọ́ síbi tó yọ̀ yẹn. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lókè ibẹ̀ ló yege, ìlà náà ò tiẹ̀ dé ẹnu gẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìlà omi àtijọ́ lára ògiri lè béèrè lọ́wọ́ àgbà tó wà níbẹ̀ nígbà náà kó fi ọwọ́ hàn án lára òpó tàbí igi, ọ̀pọ̀ wọn ló rántí, kó wá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kó mọ̀ pé omi tó bá tún wá lè ju ti àná lọ, nítorí náà kí ibi tó máa mú ga ju ìlà náà lọ dáadáa, kó má kàn jẹ́ pé ó fi díẹ̀ jù ú.

Ọ̀nà tó lọ sí ilé ìwé náà jẹ́ méjì. Èyí tó yá gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ńlá tí wọn ò bò, ó tún ré gọ́tà náà kọjá lórí pákó. Èkejì gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn káfíńtà, ó jìn díẹ̀, àpáta wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ré omi kankan kọjá láti ẹnu ọ̀nà ilé dé gẹ́ẹ̀tì. Èyí la mú. Tí omi bá ti bo títì, èèyàn ò ní mọ ibi tí títì parí sí tí gọ́tà bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí omi ń gbé lọ láàárín ìlú, inú gọ́tà ni wọ́n ti kọ́kọ́ bọ́ sí. A rin ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn lọ́sàn-án, a tún rìn ín lálẹ́ láìtan iná, kí àwọn ọmọ mọ ibi tí àpáta wà. Àǹtí mi ń fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ gún ilẹ̀ níwájú bí ẹni ń wá kọ́bọ̀ tó sọnù, àwọn ọmọ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn.

Ìgbà wo ni kí wọ́n kúrò nílé? Ìyẹn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kó ẹrù jáde sínú òjò lásán. A fi búlọ́ọ̀kù yanjú ẹ̀. Fẹ́ǹsì tó kángun sódò, wọn ò rẹ́ ẹ, èèyàn ń rí búlọ́ọ̀kù ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ga ní íńṣì mẹ́sàn-án. A fa ọ̀dà funfun sí ìdajì búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, a fa pupa sí òkè ẹ̀. Omi bá dé funfun, gbogbo wọn á jáde lójú ẹsẹ̀, kò sí àríyànjiyàn. Omi bá bo pupa, ó ti bọ́, kí wọ́n má tún rò ó láti lọ sílé ìwé mọ́, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò ni kí wọ́n gùn. Ìdí ẹ̀ ni pé omi tó ń sáré, tó bá ti ga tó íńṣì mẹ́fà, ó lè gbá àgbàlagbà lẹ́sẹ̀ ṣubú. Ẹsẹ̀ bàtà kan, ó lè gbé mọ́tò kékeré bíi Máíkírà léfòó. Méjì, ó lè gbé jíìpù lọ. Àwọn awakọ̀ wa ò fẹ́ gbọ́ eléyìí, wọ́n á ní "mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi gíà kíní wọ̀ ọ́". Gíà ò ní nǹkan kan í ṣe níbi tí táyà ò ti kan ilẹ̀ mọ́.

Kí wọ́n tó jáde, ẹnì kan ló máa pa iná, ọmọkùnrin àgbà. Ṣéńjóófà ni kó kọ́kọ́ yí sí àárín, kó wá pa méènì suwíìṣì, kó sì ṣe é nígbà tí ilẹ̀ ibi tó dúró ṣì gbẹ. Tí omi bá ti wà nílẹ̀ ibẹ̀, kó má fọwọ́ kàn án rárá. Báàgì kan sì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí wọ́n ti dì sínú nálọ́ọ̀nù méjì, ìwé ilé, sátífíkéètì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àǹtí mi tó máa tó wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, tọ́ọ̀ṣì, omi mímu, owó díẹ̀ tí kì í ṣe ti inú báńkì. Bàtà tó dé ẹsẹ̀ pinpin ni kí wọ́n wọ̀, sílípáàsì ò dáa.

Nọ́ńbà náà ńkọ́? Wọ́n kọ ọ́ sórí páálí, wọ́n fi sẹ́lótéépù bò ó, ọ̀kan wà lára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú báàgì kálukú, torí ẹni tí fóònù ẹ̀ bá kú ò ní rántí nọ́ńbà ọkọ ẹ̀ pàápàá. 112 ló wà lókè, òun ni nọ́ńbà pàjáwìrì tó kárí Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni. 615 ló tẹ̀ lé e, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tó jáde lẹ́yìn tí ìjọba Mákindé dé. Ará Èkó á kọ 767 sípò yẹn. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni alága láńlọ́ọ̀dù, ìyá ọ̀rẹ́ ọmọ ní Sángo, pásítọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni àbúrò àǹtí mi tó wà n'Ílọrin. Òun ni ojúkò. Ẹni tó bá ti wà láìséwu á fi tẹ́ẹ́sì ránṣẹ́ sí i, ibi tó wà àti àwọn tó wà pẹ̀lú ẹ̀, òun náà á wá máa fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Nígbà tí gbogbo Ìbàdàn bá ń pe ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ìpè ò ní wọlé, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ́sì kékeré lè rí àyè kọjá, kì í sì í jẹ bátìrì.

Ètò yìí rí ìdánwò lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún mìíràn. Òjò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, Bọ̀dá ń bọ̀ láti Dùgbẹ̀, wọ́n dé Ìjokòdò, wọ́n rí i pé omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan abẹ́ bíríìjì, wọ́n yà sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn láìjanpata, wọ́n fi tẹ́ẹ́sì sí Ìlọrin. Nílé, omi dé funfun ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Wọ́n pa iná, wọ́n gbé báàgì, wọ́n gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lọ. Ibi gẹ́ẹ̀tì ilé ìwé ni ètò ti kọ́kọ́ fẹ́ bàjẹ́. A ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé apá kejì odò ni máígádì ń gbé, nítorí náà ọ̀gá àgbà ilé ìwé ti gbà kí wọ́n gé kọ́kọ́rọ́ méjì sí i, ọ̀kan lọ́wọ́ alága láńlọ́ọ̀dù, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá alákàrà tó wà lójúde. Ìyá alákàrà ti lọ sílùú wọn fún ìsìnkú. Alága wà nílé, àmọ́ ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá, ẹ̀rù sì ti ba àwọn ọmọ torí omi ń hó nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n fẹ́ gun gẹ́ẹ̀tì onírin yẹn nínú mànàmáná. Ìdí nìyí tí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n gé sí i fi di mẹ́ta báyìí.

Ìkejì, ọmọkùnrin kékeré. Nígbà tí wọ́n ka ara wọn ní kíláàsì, kò sí níbẹ̀. Ó ti padà lọ mú ṣájà fóònù. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá a ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, kò tíì dé ìsàlẹ̀, Ọlọ́run ṣeun. Bí àwọn tó ti rí ọ̀nà jáde ṣe ń bá omi lọ nìyẹn, wọ́n á padà lọ mú nǹkan kan. Ní báyìí, ṣájà wà nínú báàgì, wọ́n sì ti kà á sí òfin pé kí wọ́n ka ara wọn nígbà mẹ́ta lọ́nà, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá débẹ̀ nìkan.

Ìkẹta, aládùúgbò kan pe nọ́ńbà pàjáwìrì, ó kàn ń pariwo pé "Ẹ gbà wá o, Apẹ̀tẹ̀ ni o!" Ẹni tó gbé ìpè ń béèrè pé apá ibo ní Apẹ̀tẹ̀, ọkùnrin náà ń kígbe lọ títí bátìrì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí ẹ̀rù. Apẹ̀tẹ̀ tóbi. Àǹtí mi gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ bí a ṣe to àwọn ohun tí èèyàn máa sọ sórí páálí: orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù, ilé ìwé tó wà nítòsí, iye èèyàn tó ṣì wà nísàlẹ̀, ibi tí omi dé lára ògiri, pé arúgbó kan wà ńbẹ̀ tí kò lè rìn, àti ọ̀nà tí mọ́tò ṣì lè gbà wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń gbé létí odò Ògùn, bíi Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú tàbí Ìsẹ̀rì, ètò yìí ò bá tiyín mu tán. Omi tiyín máa ń wá láti dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, ó ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ó lè dúró fún ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin láyè láti kó ẹrù, ìkìlọ̀ sì máa ń wá kí omi tó dé, ibi tẹ́ ẹ máa gbé fún ìgbà pípẹ́ ni kẹ́ ẹ wá, kì í ṣe kíláàsì tẹ́ ẹ máa sùn mọ́jú. Omi Apẹ̀tẹ̀ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, òun náà ló sì máa lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bọ̀dá ò gun bíríìjì lójú ẹsẹ̀. Wọ́n dúró títí omi fi fà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wo ẹnu ẹ̀ lápá Ìjokòdò, bóyá ilẹ̀pa ti jìn níbẹ̀, bóyá títì ti là, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn ín kọjá. Nílé, wọn ò tan iná títí oníná fi wá yẹ ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì wò, torí omi ti wọ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Kànga náà wà ńbẹ̀, omi títì ti wọ inú ẹ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ ṣaláńgá àdúgbò, wọ́n fi okùn dí i kí ẹnikẹ́ni má fà á. Omi mímu tó wà nínú báàgì ni wọ́n mu lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ra píọ̀ wọ́tà lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí wọ́n gbọ́n kànga náà gbẹ, kí wọ́n fi kílórìn fọ̀ ọ́, àǹtí mi sì tún ń se omi ẹ̀ kó hó dáadáa kí wọ́n tó mu ún.